Àhunpọ̀ àti Ìpínyà: Bí A Ṣe Ń Fi Àwọn Olùwá Gidi Díwọ̀n Ìtòlẹ́sẹẹsẹ Méjì

Nígbà tí ènìyàn bá kọ ọ̀rọ̀ kan sínú àpótí ìṣàwárí ilé ìkàwé orí ayélujára, iṣẹ́ méjì ni ẹ̀rọ ń ṣe. Ó kọ́kọ́ ń ṣa àwọn ìwé tí ọ̀rọ̀ náà kàn jọ. Lẹ́yìn náà ni ó ń tò wọ́n, tí ó ń pinnu èyí tí yóò wà lókè àti èyí tí yóò wà nísàlẹ̀. Iṣẹ́ kejì yìí ni ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Òun ni olùwá ń rí, nítorí pé àwọn tí ń wò kọjá èsì mélòó kan àkọ́kọ́ kò pọ̀. Ìwé tí ó bá wà ní ipò ogójì lè wà nínú àkójọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú ọ̀pọ̀ olùwá, kò yàtọ̀ sí ìwé tí kò sí rárá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé ìkàwé kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé tí a kọ ní èdè Yorùbá. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí ó ń lò báyìí, tí a ó pè ní A, kò ka àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà sí. Lójú rẹ̀, owó, òwò, ọwọ́, ọ̀wọ̀ àti Ọ̀wọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti wá ṣe ìtòlẹ́sẹẹsẹ tuntun, B, tí ó ń ka àmì sí: bí olùwá bá kọ Ọ̀wọ̀, àwọn ìwé nípa ìlú náà ni yóò gòkè, ìwé nípa òwò yóò sì lọ sísàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó mọ Yorùbá lè rò pé kò sí ohun tí a tún fẹ́ díwọ̀n mọ́, pé B ni ó dára jù. Ṣùgbọ́n àwọn olùwá ni yóò lò ó, ó sì ṣeé ṣe kí ìwà wọn yàtọ̀ sí ohun tí onímọ̀ èdè rò. Ọ̀nà méjì ni a fi ń bi wọ́n láìla ẹnu: ìdánwò ìpínyà àti ìdánwò àhunpọ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìbéèrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dáhùn. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ náà lè gba ìdáhùn tí ó pé lórí ìbéèrè tí kò béèrè.

Ìdánwò ìpínyà

Nínú ìdánwò ìpínyà, a pín àwọn olùwá sí ọ̀nà méjì láìṣe ojúsàájú. Ìdajì ń rí A nìkan, ìdajì kejì ń rí B nìkan, kò sì sí ẹni tí ó mọ èyí tí òun wà. Bí àkókò tí a dá bá pé, a ó fi ẹgbẹ́ kan wé èkejì: nínú ẹgbẹ́ wo ni àwọn tí ó rí ohun tẹ̀ ti pọ̀ jù?

Ìlú Berlin ti rí ìdánwò irú èyí ní gbangba. Láàárín ọdún 2014 sí 2017, àwọn olùwádìí Technische Universität Berlin àti ilé iṣẹ́ plista, tí ó wà ní ìlú kan náà, ṣe ìdíje tí wọ́n pè ní NewsREEL. Iṣẹ́ plista ni láti máa dá ìròyìn mìíràn lábàá fún ẹni tí ó ń ka ìwé ìròyìn lórí ayélujára. Nínú ìdíje náà, wọ́n pín àwọn ìbéèrè tí ń wọlé láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé gidi láàárín ẹ̀rọ àwọn olùkópa. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdáhùn rẹ̀ kò ní dé ojú òǹkàwé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo iye àbá tí àwọn òǹkàwé tẹ̀ nínú gbogbo èyí tí wọ́n fi hàn wọ́n. Àǹfààní irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ hàn kedere: gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà ṣe, títí kan bí ó ṣe yá tó, ni ó wọ inú ìdíwọ̀n.

Ohun tí ó mú kí ìpínyà le fún ilé ìkàwé kékeré ni iye ènìyàn tí ó ń gbà. Àwọn ènìyàn yàtọ̀ síra wọn púpọ̀: ẹnìkan máa ń tẹ ohun gbogbo tí ó bá rí, ẹlòmíràn kì í tẹ nǹkan kan. Ìyàtọ̀ láàárín ènìyàn sí ènìyàn yìí ni ó ń bo ìyàtọ̀ láàárín A àti B mọ́lẹ̀. Ìlànà kan tí àwọn oníṣirò máa ń lò láti mọ iye olùwá tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nílò nìyí:

```
n = 16σ² / δ²
```

Nínú rẹ̀, n ni iye olùwá nínú ẹgbẹ́ kan, σ² ni ìwọ̀n bí àwọn olùwá ṣe fọ́n ká síra wọn, δ sì ni ìyàtọ̀ tí ó kéré jù tí a fẹ́ lè rí. Bí a bá lò ó, tí ìyàtọ̀ náà bá sì wà lóòótọ́, ìdánwò wa yóò rí i ní ìgbà 80 nínú 100. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan, yóò tàn wá jẹ ní ìgbà 5 péré nínú 100.

Ká sọ pé lábẹ́ A, olùwá 40 nínú 100 ni ó ń tẹ èsì kan ó kéré tán, a sì fẹ́ mọ̀ bóyá B yóò sọ ọ́ di 42. Nítorí pé títẹ tàbí àìtẹ ni à ń kà, σ² jẹ́ 0.4 lọ́nà 0.6, èyí tí í ṣe 0.24, δ sì jẹ́ 0.02. Ìṣirò náà yóò fún wa ní 9,600 nínú ẹgbẹ́ kan, ìyẹn 19,200 lápapọ̀. Bí ilé ìkàwé náà bá ń rí olùwá tuntun 100 lójúmọ́, ọjọ́ 192 ni ìdánwò kan ṣoṣo yóò gbà, ó ju oṣù mẹ́fà lọ. Ohun tí ó tún burú ni pé bí a bá fẹ́ rí ìyàtọ̀ tí ó jẹ́ ìdajì èyí, ìlọ́po mẹ́rin olùwá ni a nílò, nítorí pé δ wà ní ìlọ́po ara rẹ̀ nísàlẹ̀ ìṣirò náà.

Ìdánwò àhunpọ̀

Àhunpọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Kò pín àwọn olùwá rárá. Ńṣe ni ó ń hun àkójọ A àti àkójọ B pọ̀ di àkójọ kan ṣoṣo, bí a ti ń hun òwú aláwọ̀ méjì sínú aṣọ kan, tí ó sì ń fi àkójọ náà han olùwá. Bí olùwá bá tẹ èsì kan, ẹ̀rọ yóò wò ó bóyá ọ̀dọ̀ A ni èsì náà ti wá tàbí ọ̀dọ̀ B. Olùwá ti dìbò láìmọ̀.

Ìdí tí èyí fi ń gba ènìyàn díẹ̀ ni pé ẹni kan náà ni ó ń fi A wé B, lẹ́sẹ̀ kan náà, lórí ìbéèrè kan náà. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ń tẹ púpọ̀, ìwà rẹ̀ kan A ó kan B. Ìyàtọ̀ láàárín ènìyàn sí ènìyàn, tí ó gba 19,200 lọ́wọ́ wa lókè, ti jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà.

Thorsten Joachims, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Dortmund kí ó tó lọ sí Yunifásítì Cornell, ni ó gbé irú ìdánwò yìí kalẹ̀ ní ọdún 2002. Ní ọdún 2008, òun pẹ̀lú Filip Radlinski àti Madhu Kurup dán an wò lórí ẹ̀rọ ìṣàwárí arXiv, ibi ìpamọ́ àpilẹ̀kọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ọgbọ́n tí wọ́n dá yẹ ní àkíyèsí. Dípò kí wọ́n wá ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí ó dára ju ti tẹ́lẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ba èyí tí ó wà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ó lè dá wọn lójú pé àwọn mọ èyí tí ó yẹ kí ó borí. Wọ́n wá wo ìdíwọ̀n tí yóò rí ìbàjẹ́ náà. Àwọn ìdíwọ̀n bí iye títẹ lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, tàbí iye ìbéèrè tí olùwá fi sílẹ̀ láìtẹ nǹkan kan, kò fi ìyàtọ̀ náà hàn lọ́nà tí a lè gbára lé pẹ̀lú iye olùwá tí wọ́n ní. Àhunpọ̀ fi í hàn. Ní ọdún 2017, ilé iṣẹ́ Netflix náà kéde pé àhunpọ̀ ń fẹ́ olùlò tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìdíwọ̀n ìpínyà wọn tí ó mú jù lọ ń gbà.

Ní Jámánì, àhunpọ̀ ni àwọn ibi ìṣàwárí fún àwọn ọ̀mọ̀wé yàn, nítorí pé olùwá wọn kò pọ̀ bíi ti ilé ìtajà ńlá. Ilé iṣẹ́ ìwádìí GESIS fi ibi ìpamọ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ SSOAR sílẹ̀ fún ìdíje TREC OpenSearch ní ọdún 2016 àti 2017. Ní ọdún 2021, ìdíje LiLAS ṣe bẹ́ẹ̀ lórí GESIS Search àti lórí LIVIVO, ẹ̀rọ ìṣàwárí ZB MED fún ìmọ̀ ìṣègùn àti ìmọ̀ nípa ohun alààyè. Nínú àwọn ìdíje wọ̀nyí, àwọn olùwádìí láti òde ń gbé ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn wá, a sì ń hun ún pọ̀ mọ́ ti ilé náà níwájú àwọn olùwá gidi. Ìdíwọ̀n wọn rọrùn: iye ìgbà tí ìtòlẹ́sẹẹsẹ àlejò borí, tí a pín pẹ̀lú àpapọ̀ iye ìgbà tí ó borí àti iye ìgbà tí a borí rẹ̀. Ọ̀mì kò wọ inú ìṣirò. Bí èsì bá ju 0.5 lọ, àlejò ni olùwá fẹ́ràn jù.

Bí a ṣe ń hun ún, àti bí àhunpọ̀ ṣe lè ṣègbè

Ọ̀nà tí a gbà hun àkójọ méjì pọ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé ìkàwé wa. Olùwá kọ Ọ̀wọ̀. Ìwé mẹ́ta ni ẹ̀rọ rí: ìwé kan nípa òwò, ọ̀kan nípa ìtàn ìlú Ọ̀wọ̀, àti ọ̀kan nípa ère amọ̀ tí Ekpo Eyo hú jáde ní ìlú náà. A tò wọ́n báyìí: Òwò, Ìlú, Ère. B tò wọ́n báyìí: Ìlú, Ère, Òwò.

Ọ̀nà àtijọ́ tí Joachims kọ́kọ́ lò ni ọ̀nà ìdọ́gba. A ju owó ẹyọ sókè láti mọ ẹni tí yóò ṣáájú, lẹ́yìn náà ni A àti B ń mú ìwé sílẹ̀ ní ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí A bá ṣáájú, olùwá yóò rí Òwò, Ìlú, Ère. Bí B bá ṣáájú, yóò rí Ìlú, Òwò, Ère. Láti mọ ẹni tí ó borí, a ó wo ìwé tí olùwá tẹ̀, a ó sì ṣírò bí a ṣe gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ tó nínú A tàbí nínú B kí a tó bá a. Ẹni tí ìwé náà bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárín ìwọ̀n tí ó kúrú jù yẹn ni ó gba ìbò.

Ẹ wá wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí olùwá bá kàn tẹ èyíkéyìí láìka nǹkan kan sí, bí ọmọdé tí ń fọwọ́ kan ojú fóònù. Bí ó bá tẹ Òwò, A borí, nítorí pé òun ni àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ A. Bí ó bá tẹ Ìlú, B borí. Bí ó bá tẹ Ère, ìwé náà wà ní ipò kejì lọ́dọ̀ B ṣùgbọ́n ipò kẹta lọ́dọ̀ A, nítorí náà B tún borí. Ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń ṣe ti fún B ní ìbò méjì nínú mẹ́ta. Ìdánwò tí ó ń dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ ẹlẹ́rìí ni èyí, àtúnṣe sì di dandan.

Àtúnṣe náà ni ọ̀nà ìyan-ẹgbẹ́, èyí tí wọ́n lò lórí SSOAR àti LIVIVO. Ẹni tí ó bá ti gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ilé ìwé ti mọ̀ ọ́n: balógun méjì dúró, wọ́n ju owó ẹyọ, ẹni tí ó jẹ ẹ́ yan ẹni tí ó fẹ́ràn jù, èkejì yan tirẹ̀ nínú àwọn tí ó kù, wọ́n sì tún owó ẹyọ jù fún ìpele tí ó tẹ̀ lé e. Ìwé kọ̀ọ̀kan di ọmọ ẹgbẹ́ kan pàtó. Bí olùwá bá tẹ̀ ẹ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó gba góólù.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹni yòówù tí ìbáà ṣáájú ní ìpele kìíní, A yóò yan Òwò, B yóò yan Ìlú. Ní ìpele kejì, Ère nìkan ni ó kù, ẹni tí owó ẹyọ bá sì mú ni yóò yàn án. Olùwá tí ń tẹ láìronú kò lè ṣègbè mọ́: Òwò jẹ́ ti A, Ìlú jẹ́ ti B, Ère sì jẹ́ ti A ní ìdajì ìgbà àti ti B ní ìdajì ìgbà.

Ṣùgbọ́n àtúnṣe yìí ní ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ wa. Ká sọ pé gbogbo àwọn tí ń kọ Ọ̀wọ̀ ń wá ère amọ̀ nìkan. B ṣe dáadáa jù fún wọn, nítorí ó gbé Ère sí ipò kejì, A sì gbé e sí ìkẹta. Síbẹ̀ ìbò yóò jẹ́ ìdajì sí ìdajì títí ayé, nítorí pé owó ẹyọ ni ó ń pinnu ẹni tí ó ni Ère. Ìdánwò náà kò parọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fọ́ sí irú ìtẹ̀síwájú yìí. Ní ọdún 2011, Katja Hofmann, Shimon Whiteson àti Maarten de Rijke gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí ó fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní láti jáde nígbàkigbà, èyí tí ó wà lókè ní àǹfààní tí ó pọ̀ jù, kí ìyàtọ̀ ipò má baà ṣòfò. Ohun tí ọ̀nà yẹn ń gbà lọ́wọ́ wa ni pé àkójọ tí olùwá ń rí lè jìnnà sí ti A àti ti B. Kò sí àhunpọ̀ tí kì í san nǹkan kan.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a ṣọ́. Bí A àti B bá bára mu lórí èsì àkọ́kọ́, ẹni tí ó ni èsì náà jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ẹyọ lásán, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ gan-an ni àwọn ènìyàn ń tẹ jù. Irú títẹ bẹ́ẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa A tàbí B, ariwo ni ó ń dá sílẹ̀. Ó sàn kí a má kà á.

Iye tí àhunpọ̀ ń gbà

Ká sọ pé a fẹ́ lè rí i bí B bá ń borí ní ìgbà 55 nínú 100, láàárín àwọn ìṣàwárí tí kì í ṣe ọ̀mì. Ìlànà tí ó jọ ti òkè yóò fi hàn pé ìdíje bíi 800 tí ó ní olúborí ti tó. Bí ìṣàwárí kan nínú mẹ́rin bá ń ní olúborí, tí àwọn ìyókù jẹ́ ọ̀mì tàbí aláìtẹ, ìṣàwárí 3,200 ni a nílò. Bí olùwá 100 ojúmọ́ bá ṣe ìṣàwárí kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 32 ni. A kò gbọ́dọ̀ rò pé 55 nínú 100 níbí jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú 42 nínú 100 ti ìpínyà. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ohun tí àpẹẹrẹ náà fi hàn ni pé ilé ìkàwé kékeré lè dé òpin ìdánwò kan kí ọdún tó yí.

Ìkìlọ̀ kan bá ìdánwò méjèèjì wí: ènìyàn ni kí a kà, kì í ṣe ìṣàwárí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó jókòó ti ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ kan lè ṣe ìṣàwárí 300. Bí a bá ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìbò, ẹnìkan ti di ogunlọ́gọ̀, ìdánilójú wa yóò sì ga ju bí ó ti yẹ lọ. A ó kó gbogbo ìṣàwárí rẹ̀ jọ, a ó wo ẹni tí ó borí jù níbẹ̀, a ó sì ka ìbò kan.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ìdánwò ti bàjẹ́

Nínú ìpínyà, ohun àkọ́kọ́ tí a ń wò kì í ṣe ẹni tí ó borí bí kò ṣe iye ènìyàn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá retí 9,600 sí 9,600, tí a wá rí 9,900 fún A àti 9,300 fún B, ó lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ìpín náà bá jẹ́ ti owó ẹyọ lóòótọ́, iye inú ẹgbẹ́ kan kì í sábà fi ju bíi 70 lọ yà kúrò ní 9,600. Ìyàtọ̀ 300 ju ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn lọ. Èèṣì kò ṣe é. Ó ṣeé ṣe kí B lọ́ra, kí àwọn kan ti jáde kí ojú ewé tó ṣí, kí a má sì ka àwọn wọ̀nyẹn rárá. Àwọn tí ó kù nínú ẹgbẹ́ B ti di àwọn onísùúrù nìkan, wọn kò sì ṣeé fi wé ẹgbẹ́ A mọ́. Ńṣe ni a ó da èsì irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ nù, bí ó ti wù kí ó dùn mọ́ni tó.

Nínú àhunpọ̀, àyẹ̀wò tí ó jọ èyí ni kí a hun A pọ̀ mọ́ A fún ọjọ́ mélòó kan. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó borí. Bí ẹnìkan bá ń borí, owó ẹyọ náà kò dọ́gba, tàbí ìwé ìkọsílẹ̀ títẹ ní àbùkù.

Àṣìṣe kẹta wọ́pọ̀ jù, ó sì máa ń wá láti inú ìháragàgà. Ẹni tí ó ń yẹ èsì wò lójoojúmọ́, tí ó sì dá ìdánwò dúró ní ọjọ́ tí B bá kọ́kọ́ kọjá ààlà, ti yí ìlànà padà láìmọ̀. Àṣìṣe tí a gbà láàyè jẹ́ 5 nínú 100 bí a bá wò ó lẹ́ẹ̀kan ní ìparí. Bí a bá wò ó ní ìgbà 10, tí a sì ṣetán láti dúró ní ìgbàkígbà, ó ti sún mọ́ 19 nínú 100.

Àwọn tí kò dìbò

Gbogbo èyí mú wa padà sí àmì ohùn, níbi tí ewu gidi wà. Ní Gesundbrunnen, ní àgbègbè Mitte ní Berlin, ilé ìkàwé gbogboògbò kan wà tí ń jẹ́ Bibliothek am Luisenbad. Ẹni tí ó bá jókòó síbẹ̀ tí ó ń fi kíbọ́ọ̀dù Jámánì wá ìwé Yorùbá, yóò bá ä, ö, ü àti ß pàdé lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní bá ẹ, ọ tàbí ṣ pàdé. Owo ni yóò kọ, yálà owó ni ó ń wá tàbí Ọ̀wọ̀. Lójú B, tí ó ń ka àmì sí, owo lásán kò bá ìkankan mu dáadáa. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí a ṣe láti fi bọ̀wọ̀ fún èdè lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó jìnnà sí ilé jù lọ.

Bí a bá hun A àti B pọ̀, tí a sì ka ìbò lápapọ̀, àwọn tí ń kọ àmì lè fún B ní ìṣẹ́gun, nígbà tí àwọn tí kò kọ àmì ń pàdánù láìsí ariwo. Nítorí náà, kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ó ka ìbéèrè alámì lọ́tọ̀ àti ìbéèrè aláìlámì lọ́tọ̀. Bí a bá dúró dìgbà tí èsì bá jáde kí a tó máa pín in, a ó máa pín in títí a ó fi rí ohun tí a fẹ́ rí.

Pípín in bẹ́ẹ̀ pàápàá kò tán ìṣòro náà nínú àhunpọ̀. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kan tí ó yẹ ní títẹ nínú àkójọ tí a hun ń jáde láìdìbò, ọ̀mì sì ni a ń kọ sílẹ̀ fún un. Síwájú sí i, àkójọ náà ní ìwé A nínú, nítorí náà ẹni tí kò kọ àmì yóò ṣì rí èsì A tẹ̀, kò ní mọ bí ìwà láyé yóò ti rí bí ó bá jẹ́ B nìkan ni ó kù. Àhunpọ̀ ń sọ èyí tí olùwá fẹ́ràn jù nínú méjì tí ó wà níwájú rẹ̀. Kò sọ bóyá yóò padà wá lọ́la, kò sọ bóyá B yá tó láti dá dúró, nítorí pé àkójọ tí a hun gbọ́dọ̀ dúró de èyí tí ó lọ́ra jù nínú méjèèjì.

Ìpínyà nìkan ni ó lè dáhùn ìyẹn. Nínú ẹgbẹ́ B, ẹni tí ó kọ owo tí kò sì rí nǹkan kan yóò hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò tẹ nǹkan kan, àti lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò padà wá. Ìdí nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ bíi Netflix fi ń lo méjèèjì ní ìpele: àhunpọ̀ ni wọ́n fi ń yára sẹ́ ọ̀pọ̀ àbá kù sí díẹ̀, ìpínyà ni wọ́n wá fi ń yẹ àwọn díẹ̀ náà wò. Ilé ìkàwé tí kò ní olùwá tó fún ìpínyà kékeré lè ṣe é fún ìyàtọ̀ ńlá. Láti rí i bóyá àwọn tí kì í kọ àmì ti já láti títẹ 40 nínú 100 sí 30, ìlànà òkè yẹn kò béèrè ju 384 olùwá nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ. Iye yẹn kéré tó láti kà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì tó láti dáàbò bo ẹni tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kò ní ọ.